Owó Tó Ń Sùn ní Àbújá: Bí Báńkì Àpapọ̀ Ṣe Ń So Owó Báńkì Mọ́lẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ẹni tó bá yá ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní mílíọ̀nù kan náírà fún odidi ọdún kan, èlé tó máa gbà kò tó náírà 10,000. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Bí ọjà ìwé gbèsè ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, ṣe rí nígbà náà nìyẹn: èlé ọlọ́dún kan kò pé náírà kan lórí 100. Ní oṣù kan náà, Ìgbìmọ̀ Ìlànà Owó ti Báńkì Àpapọ̀ jókòó ní Àbújá, wọ́n sì kéde pé èlé orílẹ̀-èdè ṣì wà ní 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà náà sì ti gbówó lórí ní nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Èlé tí wọ́n kéde wà lókè, èlé tí ọjà ń san wà nílẹ̀ pátápátá, kò sì sí okùn tó so ọ̀kan mọ́ èkejì.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbọ́ ìkéde yìí lórí rédíò tí a kì í mọ ohun tó kàn wá níbẹ̀. Akéde á ní wọ́n fi kún èlé, tàbí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Á tún dárúkọ iye kejì, èyí tó jẹ́ ìpín owó tí báńkì gbọ́dọ̀ kó pamọ́ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Nǹkan méjì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo máa pe àkọ́kọ́ ní èlé àṣẹ, kí n sì pe èkejì ní owó àfipamọ́ dandan. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, níbi tí ọjà owó kò ti jinlẹ̀, èkejì tí a kì í kà sí gan-an ló lágbára jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí èlé àṣẹ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ bi àwọn ará wa tó fi ẹ̀yáwó ra ilé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní oṣù Kejìlá 2021, èlé àṣẹ Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ 2023, ó ti di 5.25. Ẹni tí àdéhùn ilé rẹ̀ bá èlé àṣẹ rìn rí i nínú owó tó ń san lóṣooṣù láìpẹ́ rárá. Ẹni tó ti bá báńkì dá iye kan dúró fún ọdún méjì tàbí márùn-ún bá a pàdé lọ́jọ́ tí àdéhùn náà parí. Owó tó yẹ kó fi ra aṣọ tàbí kó fi ránṣẹ́ sílé di owó ilé. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ kan sọ ṣe ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí: nítorí pé gbogbo ìlú ló jẹ báńkì ní gbèsè, báńkì sì ń yá ara wọn lówó lójoojúmọ́ ní iye tó sún mọ́ èyí tí wọ́n kéde.

Ní Nàìjíríà, ta ló jẹ báńkì ní gbèsè? Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ń dá àjọ, ó ń yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti oko. Iye tí ẹgbẹ́ fi ń yáni lówó, ìpàdé ẹgbẹ́ ló pinnu rẹ̀, kì í ṣe Àbújá. Ìwádìí tí àjọ EFInA ṣe ní 2023 fi hàn pé àgbàlagbà 26 nínú 100 ni kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ètò ìfowópamọ́ kankan, yálà ti báńkì tàbí ti àjọ. Ní ti owó bébà, Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ní oṣù Kẹwàá 2022, nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ náírà, pé nínú tírílíọ̀nù 3.23 tó wà níta, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpótí báńkì. Ohun tí a ń sọ nìyẹn nígbà tí a bá ní ọjà owó kò jinlẹ̀. Àwọn tó ń yáwó ní báńkì kò pọ̀, ìwé gbèsè tí èèyàn lè rà tí kì í ṣe ti ìjọba kò pọ̀, àwọn báńkì pàápàá kò sì fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ara wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí nìkan ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Àpọ̀jù owó wà nínú ọ̀ràn náà. Iye tí Báńkì Àpapọ̀ máa gbà lọ́wọ́ báńkì tó bá wá yáwó lọ́dọ̀ rẹ̀ ni èlé àṣẹ dúró lé lórí. Báńkì tí kò nílò láti yáwó, kí ló kàn án níbẹ̀? Ẹ fi wé ẹni tó ń ta omi nínú àgbá ní àdúgbò yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá fi náírà mẹ́wàá kún owó garawa kan, gbogbo ilé ló máa mọ̀ ọ́n lára. Nígbà òjò, ó lè fi ọgọ́rùn-ún kún un. Kò sẹ́ni tó máa yà á wò, nítorí pé omi ń kún gbogbo agbada lọ́fẹ̀ẹ́.

Níbo ni òjò owó yìí ti ń rọ̀? Orísun àkọ́kọ́ ni owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń pín lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí owó náà bá wọlé, èlé tí báńkì fi ń yá ara wọn lówó mọ́jú máa ń já wálẹ̀, a sì máa tún gòkè bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Orísun kejì burú ju èyí lọ. Ìjọba àpapọ̀ ń yáwó lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn owó tí kò sí níbì kankan tẹ́lẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba ní ọdún tó ṣáájú, kí wọ́n sì san án tán kí ọdún tó parí. Nígbà tó fi di 2023, gbèsè náà ti lé ní tírílíọ̀nù 22 náírà, wọ́n sì sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún.

Àfikún kan wá bá èyí ní oṣù Kẹwàá 2019. Báńkì Àpapọ̀ ní ìwé gbèsè tirẹ̀ tó fi ń fa owó kúrò nígboro, èlé rẹ̀ sì dára. Ó wá sọ pé ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe báńkì tàbí oníṣòwò òkèèrè kò gbọ́dọ̀ rà á mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà níbẹ̀ ń padà bọ̀ bí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe ń pé, kò sì ríbi lọ ju tírẹ́ṣọ́rì bíìlì lọ. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n ti ṣáájú dín iye tí báńkì kan lè kó sùn sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ pẹ̀lú èlé kù sí bílíọ̀nù méjì náírà. Owó tó lé kò rí ilé gbé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, èlé ọlọ́dún kan bọ́ sí abẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún. Ó bí mi nínú títí di òní pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ wà lára owó tí ọjà náà jẹ tán.

Báńkì Àpapọ̀ rí i pé ohùn òun kò dé ìsàlẹ̀, ó wá fi ọwọ́ mú owó náà. Iṣẹ́ owó àfipamọ́ dandan nìyẹn. Kì í bá ẹnikẹ́ni jíròrò iye tí omi ń tà. Ńṣe ló ń gba agbada lọ́wọ́ onílé.

Bó ṣe ń lọ kò ṣòroó lóye. Báńkì kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Ká ní báńkì kan gba bílíọ̀nù 100 náírà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Tí ìpín dandan bá jẹ́ 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bílíọ̀nù 32.5 máa lọ jókòó síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì ní gba kọ́bọ̀ èlé lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2024, Ìgbìmọ̀ gbé ìpín náà láti 32.5 lọ sí 45. Báńkì tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí pàdánù bílíọ̀nù 12.5 sí i, kì í ṣe nítorí pé ó yáwó tàbí pé ó tajà, nítorí pé ìkéde ti jáde ni. Òfin mìíràn tún wà pé ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí a lè tètè sọ di owó, irú bíi tírẹ́ṣọ́rì bíìlì. Bílíọ̀nù 45 ti sùn, bílíọ̀nù 30 ti wọ ìwé ìjọba. Bílíọ̀nù 25 ló kù tí báńkì lè yá oníṣòwò àti àgbẹ̀.

Ìdí tí irinṣẹ́ yìí fi ń jẹ́ ní ìlú tí ọjà owó rẹ̀ kò jinlẹ̀ nìyí. Kò nílò kí báńkì máa yá ara wọn lówó, kò nílò ọjà ìwé gbèsè tó gbòòrò, kò sì ná Báńkì Àpapọ̀ ní nǹkan kan. Tó bá fẹ́ ta ìwé gbèsè láti fa owó náà wọlé, ó máa san èlé lórí rẹ̀. Owó àfipamọ́ dandan, ọ̀fẹ́ ni fún un. Amẹ́ríkà tí ọjà owó rẹ̀ jinlẹ̀ fi tirẹ̀ sí òdo ní oṣù Kẹta 2020. Ní Kútọnú àti Lómé, níbi tí báńkì àpapọ̀ kan náà ti ń bójú tó orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi í sí láti 2017. Tiwa náà kì í pọ̀ tó báyìí. Ní 2010, 1 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ó di 50.

Bó ṣe rìn láti 1 dé 50 ní ìtàn, orí kan nínú ìtàn náà sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Títí di 2015, owó ilé iṣẹ́ ìjọba ń gbé nínú báńkì aládàáni, púpọ̀ nínú rẹ̀ láìgba èlé. Báńkì á kó owó náà, á fi ra tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìjọba á sì san èlé tó lé ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ara rẹ̀. Lámìdó Sànúsí tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà pariwo ọ̀ràn yìí ní gbangba. Ní oṣù Keje 2013, wọ́n fi ìpín dandan 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìjọba tó wà ní báńkì, ní oṣù Kíní 2014 wọ́n sọ ọ́ di 75, nígbà tí ti àwọn oníbàárà yòókù kò tó ìdá márùn-ún.

Ìpinnu náà tọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ó bí ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí náírà kan náà bá lè jẹ́ orúkọ méjì, tí wọ́n ń gba 75 lórí ọ̀kan, tí wọ́n ń gba 20 lórí èkejì, ìdí wà fún báńkì láti wá orúkọ tó fúyẹ́ fún un. Ní oṣù Karùn-ún 2015, wọ́n so méjèèjì pọ̀ sí 31. Kò pẹ́ tí ìjọba fi kó owó rẹ̀ kúrò ní báńkì lọ sí àkáǹtì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, owó gbẹ nínú àwọn báńkì, wọ́n sì ní láti dín ìpín náà kù sí 25 ní oṣù Kẹsàn-án.

Ta ló ń san owó tó sùn yìí? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Báńkì gba náírà 100 lọ́wọ́ yín, ó sì ṣèlérí láti san náírà 15 èlé lọ́dún. Tí ìpín dandan bá jẹ́ 45, náírà 55 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Náírà 55 yìí gbọ́dọ̀ mú 15 wọlé kí báńkì tó lè san yín, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a tó ka owó oṣù òṣìṣẹ́ àti dísù jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ìpín dandan jẹ́ 1, ìṣirò kan náà yóò fún wa ní 15 àti díẹ̀. Tó bá jẹ́ 50, á di 30. Nítorí náà ẹni tó fowó pamọ́ ń gba kékeré, ẹni tó yáwó ń san púpọ̀, àlàfo àárín wọn sì jẹ́ owó orí tí Ilé Aṣòfin kò jókòó lé lórí. Ilé iṣẹ́ ńlá lè lọ ta ìwé gbèsè tirẹ̀ tàbí kó yáwó lókè òkun. Ẹni tó ní ilé búrẹ́dì ní Ṣakí, ìlẹ̀kùn báńkì nìkan ló ní.

Nǹkan tún burú ju iye tí wọ́n kéde lọ fún ọdún mélòó kan. Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ ní báńkì tí kò bá yá aráàlú ní ìpín 60 nínú owó oníbàárà, tó wá di 65 kí ọdún tó parí, á pàdánù ìdajì ohun tó ṣẹ́kù sínú owó àfipamọ́. Ó tún ń yọ owó lójijì láti àkáǹtì báńkì nígbà tó bá rí i pé owó ti pọ̀ jù, tó fi jẹ́ pé ìpín tí owó tó sùn gan-an kó ju 27.5 tí òfin sọ lọ fíìfíì. Ẹ wò ó: ọwọ́ kan ń ti báńkì pé kó lọ yáni lówó, ọwọ́ kejì ń kó owó tó fẹ́ yáni lọ. Báńkì tí kò mọ iye tí wọ́n máa yọ lọ́la kò lè dáwó lé ẹ̀yáwó ọlọ́dún márùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, lábẹ́ Ọláyẹmí Cardoso, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé yíyọ owó lójoojúmọ́ ti dópin, ó sì ṣàlàyé ìlànà tí wọ́n á máa tẹ̀lé. Fún mi, ìyẹn wúlò ju bí wọ́n ṣe gbé èlé sókè lọ.

Ọdún 2024 yẹn kan náà ló fi ohun tí mo ń sọ hàn kedere. Ní ìparí oṣù Kíní, tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ọlọ́dún kan ń san nǹkan bí 11.5, bẹ́ẹ̀ èlé àṣẹ jẹ́ 18.75. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, wọ́n gbé bíìlì tó tó tírílíọ̀nù kan náírà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbà láti san 19. Èlé ọjà gòkè lọ bá èlé àṣẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìgbìmọ̀ tó jókòó rárá. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n gbé èlé àṣẹ sí 22.75 àti ìpín dandan sí 45. Ní oṣù Kẹta, bíìlì náà ti kọjá 21. Ìkéde kọ́ ló kọ́kọ́ gbé èlé ọjà sókè. Wọ́n ti ń fa omi kúrò nínú agbada kí wọ́n tó pe iye tí garawa kan ń tà.

Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọjà gbówó lórí ní 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè ṣe gbé e jáde. Owó ìrànwọ́ epo ti lọ, náírà ti já wálẹ̀ sí dọ́là, ọ̀nà oko kò sì fọkàn balẹ̀. Ìpín dandan lè so owó mọ́lẹ̀, kò lè gbin iṣu. Kò sì lè dé ibi tí owó bébà wà ní abẹ́ àpò ìrẹsì àti lọ́wọ́ aláájọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn irinṣẹ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, kó fi èlé tírẹ́ṣọ́rì bíìlì tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn títà kọ̀ọ̀kan wé èlé àṣẹ. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, okùn ti so. Bí wọ́n bá jìnnà bíi ti 2020, ìkéde yẹn wà lójú afẹ́fẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n dín èlé àṣẹ kù sí 27 àti ìpín dandan kù sí 45, wọ́n sì tún fi 75 lé owó ìjọba tó bá wà níta àkáǹtì kan ṣoṣo náà, bí wọ́n ṣe ṣe ní 2014. Lójú mi, 45 ṣì pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kékeré dìde. Kò sì ní lè wálẹ̀ dé ibi tó yẹ bí ìjọba kò bá dúró lórí ìpín 5 tí òfin fún un.

Ibì kan wà tí òfin ti so èlé àṣẹ mọ́ àkáǹtì yín tààrà. Láti oṣù Kẹjọ 2022, Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé èlé àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún èlé àṣẹ. Tí èlé àṣẹ bá jẹ́ 27, ó jẹ́ 8.1, ìyẹn náírà 8,100 lọ́dún lórí 100,000, kí wọ́n tó yọ owó orí. Báńkì lè fagi lé èlé oṣù kan bí ẹ bá fa owó jáde léraléra nínú oṣù náà. Ẹ ṣí ìwé àkáǹtì yín, kí ẹ wo iye tí wọ́n san fún yín ní oṣù tó kọjá. Bí kò bá pé, ẹ lọ béèrè ní báńkì.